Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Ní Mo Fi Sinmi

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìtìjú kì í pànìyàn, ẹ bi í bóyá ó ti wáṣẹ́ rí lẹ́yìn tó ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́fà. Èmi ti wá a. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwòsàn tí mo lọ wáṣẹ́ sí ní àwọn máa fún mi lésì. Ọjọ́ Ẹtì dé, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bá mi sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé tẹ̀ lé e, fóònù mi ò dún àfi ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fẹ́ ta orin fún mi. Mo ń gbé e lọ sílé ìdáná, mo ń gbé e lọ sí bálùwẹ̀. Bàbá mi ń wò mí láti orí ibùsùn. Ẹni tó ti jẹ ọ̀gá ilé ìwé títí irun fi funfun lórí ẹ̀ mọ bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò ṣe ń rìn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀, mo sì mọṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní torí pé mo fẹ́ kẹ́ ẹ káàánú mi kí n wá máa rẹ ara mi sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni rọpárọsẹ̀ mú Bàbá. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá wa ti kú. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ìlú mìíràn nígbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Ta ló kù? Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ní oṣù díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní oṣù díẹ̀ ni kó máa rántí pé oṣù díẹ̀ ló ń bí ọdún.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pààrọ̀ ìlédìí fún Bàbá, ó kọjú sí ògiri. Ìgbà tí mo parí, ó fi ẹnu tó wọ́ yẹn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ni kó kú sí." Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbé abọ́ omi wọlé báyìí, Bàbá ti kọjú sógiri nìyẹn, kò ní fọhùn títí n ó fi gbé abọ́ náà jáde. Èmi náà kì í fọhùn. À ń ṣe bí ẹni pé àwọn méjì kan tí a ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀.

Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, n ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún un, n ó de táì sí i lọ́rùn, n ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, n ó sì gbé e jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi o!" Òun náà á mi orí bí ọba. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún díẹ̀, ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nìyẹn. Èmi ńkọ́? Èmi ni nọ́ọ̀sì tó kọ iṣẹ́, tó jókòó ti owó ìfẹ̀yìntì bàbá ẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ ní ọ̀dọ̀ aránṣọ. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ara Bàbá wá ń yá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ là, ó lè fọwọ́ òsì mu ife, ó lè jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan. Àbúrò mi kó padà wálé, ó ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń wà nílé lọ́sàn-án. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí Bàbá padà. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni ń yí igi gẹdú ló ń ṣe é, Bàbá sì ń ṣépè fún un, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni Bàbá fúnra rẹ̀ bi mí pé, "Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ ńkọ́?" Àkókò rẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Mo lọ sọ ọ́ dọ̀tun, mo jókòó sínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ẹni tó ti pẹ́ nílé ṣe, láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní mọ́mì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé síbi iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi. Mátírọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta ni ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó de táì mọ́ ọrùn débi tí mo fi ń bẹ̀rù pé kò ní lè mí. Ọlọ́táì ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Òun ló gbé ìwé mi sókè.

"Mo rí i pé ọdún mẹ́fà ṣófo níbí," ó ní. "Kí lẹ fi ṣe?"

Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa bi mí. Mo ti dánra wò níwájú dígí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo rí níwájú mi ni ojú Bàbá tó kọ sógiri.

"Mo fi sinmi nílé ni, sà," mo ní. "Àwọn ọ̀rọ̀ ẹbí díẹ̀díẹ̀."

Ọlọ́táì kọ nǹkan sílẹ̀. Dókítà gbójú kúrò lára aago fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ẹni tó fi ọdún mẹ́fà sinmi. Mátírọ́ọ̀nù yọ awò ojú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lo yí aláìsàn tí kò lè dá yí padà kẹ́yìn?"

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yí Bàbá kí n tó wọ bàtà. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn. "Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà," mo dáhùn. Ooru ìtìjú bò mí láti etí dé àyà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa retí àwọn di ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo pè nígbà tí ìrètí fẹ́ pa mí. Alábẹ́rẹ́ là ń pè é láti ilé ẹ̀kọ́, torí pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mú náà ni ẹnu rẹ̀ mú.

"Wọ́n ti pè ẹ́?"

"Wọn ò tíì pè."

"Ìwọ náà wá ń wo fóònù. O ò ṣe kọ̀wé sí wọn?"

"Ojú ń tì mí. Wọ́n á ní mo ti ń kánjú."

"Ojú ń ṣe kí ni? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Gbọ́ mi. Í-meèlì kan ṣoṣo ni. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, rán wọn létí iṣẹ́ tó o wá fún àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí ara yín, sọ pé o ṣì fẹ́ ẹ, kó o fi ìwé àṣẹ tuntun rẹ mọ́ ọn. Má bẹ̀bẹ̀. Má sì máa pè wọ́n lójoojúmọ́ bí olówó èlé."

"Mo ti gbọ́."

"Ó ku ẹyọ kan. Ihò ọdún mẹ́fà yẹn, òun ló ń dá wọn dúró. Dí i. Ìlà méjì péré: rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, èmi ni mo tọ́jú wọn. Ó parí."

"Mi ò lè kọ ìyẹn."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni? Ṣé bàbá yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ni?"

Mo ní fóònù ò gbọ́ dáadáa mọ́, mo pa á. Irọ́ ni. Ó ń gbọ́ ketekete.

Í-meèlì tí mo kọ́kọ́ kọ, ẹ̀bẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ ṣojú àánú. Mo kà á, mo rí i pé ó jọ ti ẹni tó jí nǹkan, mo pa á rẹ́. Èkejì le bí ìgbà tí wọ́n jẹ mí ní gbèsè. Ẹ̀kẹta ló dà bí nǹkan gidi. Mo wá gbé e lọ fún Bàbá. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ kíkọ kan kì í jáde láìgba ojú rẹ̀ kọjá. Kódà ìkíni ọjọ́ ìbí, ó máa ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ó fọwọ́ òsì gba fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Bí mo ṣe sọ, mo wà lẹ́nu ìsinmi fún ọdún mẹ́fà—"

Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. "Mo wà lẹ́nu ìsinmi."

Ó wo ọwọ́ mi. Mo gbé wọn sórí ẹsẹ̀ mi, ọṣẹ àti omi ti jẹ wọ́n títí awọ ìka fi sán. Mo kó wọn sábẹ́ aṣọ bí ẹni tí wọ́n bá ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ka ìyókù sínú, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ mi àti nọ́ńbà fóònù mi, ó sì dá a padà fún mi.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ó ní.

Mo fi ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ló jẹ. Mo rò pé iyọ̀ ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ méjì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, àbúrò mi ò tíì dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Mo gbé abọ́ omi gbígbóná wọlé, mo fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí kí n lè máa gbọ́ ọ, mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ tó kú, ọwọ́ tó dára wà lókè. Ó kọjú sógiri. Mo tú ìlédìí, mo po ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù dún.

Mo yọjú wò ó. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wẹ aláìsàn rí, ẹ mọ ohun tó wà lára ìbọ̀wọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ó máa dún, Bàbá. N ó pè wọ́n padà."

Ọwọ́ òsì Bàbá ti gba orí ìrọ̀rí kọjá. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta, bó ṣe máa ń ṣe nítorí etí rẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ohùn ọ̀gá ilé ìwé ni, èyí tó máa ń mú kí ọmọ kíláàsì mẹ́ta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn ni. Ṣé mo lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀?"

"Ọwọ́ ẹ̀ dí."

Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní mo jáde lọ sọ́jà."

"Ó ní kí n sọ pé òun jáde lọ sọ́jà," Bàbá sọ sínú fóònù. "Kò lọ sọ́jà. Ó ń fọ ìdí mi."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, èmi àti abọ́ omi mi.

"Èmi ni bàbá ẹ̀," ó ń bọ́rọ̀ lọ. "Rọpárọsẹ̀ ló mú mi. Mo ka ohun tó kọ sí yín, ó ní òun ń sinmi. Màdáàmù, mo ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọ ilé ìwé lóríṣiríṣi. Wọ́n ń fi irọ́ gbéra wọn ga. Mi ò rí ẹni tó fi irọ́ ba ara ẹ̀ jẹ́ rí, àfi èyí tí mo bí."

Mátírọ́ọ̀nù ò rẹ́rìn-ín. Kò sì ní pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ kàn yí padà, ó di ohùn ẹnu iṣẹ́, mo mọ ohùn yẹn.

"Sà, ṣé egbò wà ní ìdí yín, tàbí ní gìgísẹ̀ yín?"

"Kò sí."

"Kò wáyé rí?"

"Lọ́dún àkọ́kọ́, ibì kan pọ́n, kò dégbò. Tọ̀sántòru ló ń yí mi. Ó ń fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ mi kí gìgísẹ̀ má baà kan ibùsùn. Mo máa ń bú u."

"Ẹ máa ń bú u?"

"Mo máa ń bú u gan-an."

"Oúnjẹ ńkọ́, sà? Ṣé ó máa ń há yín lọ́fun?"

"Níbẹ̀rẹ̀. Kì í fún mi ní nǹkan kan àfi tó bá ti gbé mi jókòó dáadáa. Omi pàápàá, ó máa ń po nǹkan sí i kó lè ki. Kò dùn lẹ́nu rárá."

"Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé fóònù síbi etí mi.

"Nọ́ọ̀sì."

"Mà."

"Mo bi ọ́ nípa ìgbà tó o yí aláìsàn kẹ́yìn. Kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní ó ti pẹ́, mà."

"Ìgbà wo ni?"

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, mà."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Mo pè láti sọ fún ọ pé ẹlòmíràn la fẹ́ mú. Kò jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n a mọ ibi tó wà lọ́dún tó kọjá. Ìwọ, a ò mọ̀. Tí aláìsàn mi bá sì ṣubú lálẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo máa fẹ́ gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì mi. Kì í ṣe ohun tó máa bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Ọ̀la la máa fọwọ́ sí i. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lónìí bó ṣe rí gan-an, kó o fi orúkọ dókítà tó ń tọ́jú bàbá ẹ sí i, kí n lè pè é. Màá gbé e síwájú àwọn yòókù. Mi ò ṣèlérí kankan o."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Má tíì dúpẹ́. Lọ wẹ bàbá ẹ tán."

Ó pa fóònù. Mo dúró síbẹ̀, ọṣẹ ń gbẹ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí débi tí mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé torí iyì Bàbá ni mo ṣe ń bo gbogbo ẹ̀. Mo gbà á gbọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Bàbá ti tú ara rẹ̀ síhòòhò fún àlejò, èmi ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní mo lọ sọ́jà. Ojú èmi gan-an ló ń tì mí. Èmi nọ́ọ̀sì tó ní ìwé ẹ̀rí lára ògiri, tó wá di afọ̀dí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ jù kí wọ́n mọ̀ pé ìdí ni mò ń fọ̀.

"Bàbá," mo ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní inú yàrá yìí ni kó kú sí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ló máa kú síbẹ̀."

Mo kọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kọ rọpárọsẹ̀, mo kọ ìlédìí, mo kọ bí mo ṣe ń yí i àti bí mo ṣe ń fún un lóúnjẹ, mo kọ orúkọ dókítà. Mo kọ ọ́ pé mo purọ́ lójú wọn, mo sì tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá kà á, kò pa nǹkan kan rẹ́. Wọ́n gbà mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àdéhùn pé n ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì mìíràn. Ọmọdébìnrin kan tí mo lè bí ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi. Ó ń wo ọwọ́ mi, mo ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún un. Àbúrò mi ló wá ń gbé abọ́ omi láàárọ̀. Ọlọ́táì kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi sókè, níṣojú gbogbo èèyàn. Etí mi gbóná, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn.

Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ tí Mátírọ́ọ̀nù pè yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù ti dákẹ́, tí mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe, Bàbá ní, "Omi ń tutù." Mo ti kànìnkànìn bọ omi padà. Mo gbójú sókè láti ṣe bí a ti máa ń ṣe, kí n máa wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ẹ̀yìn orí kọ́ ni mo rí. Bàbá ti yí ọrùn kúrò lára ògiri, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Èmi ni mo kọjú sógiri.